Ta Ní Ń Wo Fíìmù Yìí, Níbo Ló Wà, Aago Mélòó Ló Ń Wò Ó?

Olóòtú fíìmù Yorùbá kan tó ń gbé iṣẹ́ rẹ̀ sórí YouTube lè jókòó sí Ìbàdàn láàárọ̀, kó ṣí YouTube Studio lórí fóònù rẹ̀, kó sì rí i pé nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tó wo fíìmù rẹ̀, 52 wà ní Nàìjíríà, 18 wà ní Ìlú Ọba, 14 wà ní Amẹ́ríkà. Ojú ìwé kan náà á sọ fún un pé ẹni ọdún 35 sí 44 ló pọ̀ jù nínú wọn. Á tún ya àtẹ aláwọ̀ àlùkò kan fún un, tó ń fi wákàtí tí àwọn òǹwòran rẹ̀ máa ń wà lórí YouTube hàn.

Kò sí ẹni tó lọ kan ilẹ̀kùn àwọn òǹwòran náà láti bi wọ́n léèrè. Báwo wá ni wọ́n ṣe mọ̀?

Iye mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà, bí wọ́n tilẹ̀ jọ wà lójú ìwé kan. Ibi tí èèyàn wà, àdírẹ́sì nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ ni wọ́n fi ń méfò rẹ̀. Ọjọ́ orí, ohun tí ẹni tó ni àkáǹtì fẹnu ara rẹ̀ sọ ló pọ̀ jù níbẹ̀, ẹ̀rọ á sì fi àbá tirẹ̀ kún un. Wákàtí nìkan ni wọ́n kà ní tòótọ́, àmọ́ aago ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n fi kà á fún gbogbo ayé. Olóòtú tó bá gbára lé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bákan náà lè ná owó ìpolówó rẹ̀ síbi tí kò sí èèyàn.

Ọ̀rọ̀ ibi ló kọ́kọ́ yẹ ká yẹ̀ wò. Gbogbo ẹ̀rọ tó bá wọ orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ń gba àdírẹ́sì IP, ìyẹn òǹkà tí YouTube fi ń mọ ibi tí yóò dá èsì padà sí. Kò sí orúkọ ìlú kankan nínú òǹkà náà. Ìdì-ìdì ni wọ́n ń pín in. Ní Áfíríkà, àjọ AFRINIC tó fìdí kalẹ̀ sí Mọ̀rísọ́ọ̀sì ló ń pín ìdì àdírẹ́sì fún àwọn ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, àwọn náà á sì pín in fún àwọn oníbàárà wọn. Nítorí pé àkọsílẹ̀ àjọ náà wà ní gbangba, kò nira láti mọ̀ pé ìdì kan jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ kan ní Nàìjíríà.

Láti mọ ìlú gan-an ló wá di iṣẹ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan wà tó jẹ́ pé ìwé atọ́ka àdírẹ́sì ni wọ́n ń ṣe tà. MaxMind ti Amẹ́ríkà wà lára àwọn tó lórúkọ jù. Ibi púpọ̀ ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti ń rí ẹ̀rí. Ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè sọ ibi tó ń lo ìdì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n tún lè ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì kan, kí wọ́n wo bí èsì ṣe pẹ́ tó lọ́nà: bí èsì bá tètè dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ tó wà l'Ékòó ju ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lọ, àdírẹ́sì náà sún mọ́ Èkó. Bí wọ́n bá kó gbogbo rẹ̀ jọ, wọ́n á kọ orúkọ ìlú kan síwájú ìdì náà.

MaxMind tilẹ̀ máa ń kọ nǹkan mìíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ibi tó bá tọ́ka sí lórí máàpù, èyí tó ń jẹ́ `accuracy_radius`. Iye kìlómítà ni, ó sì ń sọ bí èèyàn ṣe lè jìnnà tó sí ojú ibẹ̀. Ohun tó ń bani lọ́kàn jẹ́ ni pé irú iye yìí kì í dé ojú ìwé tí olóòtú wa ń wò. Orúkọ ìlú nìkan ló ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, bí ẹni pé ó dájú.

Ohun tí èyí lè dá sílẹ̀ hàn kedere ní ìpínlẹ̀ Kánsáàsì ní Amẹ́ríkà. Ìgbà mìíràn wà tí MaxMind mọ̀ pé àdírẹ́sì kan wà ní Amẹ́ríkà ṣùgbọ́n tí kò mọ ìlú rẹ̀. Fún irú àdírẹ́sì bẹ́ẹ̀, ilé-iṣẹ́ náà nílò ojú kan lórí máàpù tí yóò dúró fún orílẹ̀-èdè náà látòkèdélẹ̀. Àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà ni wọ́n mú. Òǹkà ibẹ̀ lórí máàpù gùn, ó sì lọ́ pọ̀, ni wọ́n bá gé e sí òǹkà tó mọ́: 38 ní àríwá, 97 ní ìwọ̀-oòrùn. Ojú yẹn bọ́ sórí oko ìdílé kan nítòsí ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Potwin.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, nǹkan bí 600 mílíọ̀nù àdírẹ́sì ló ń tọ́ka sí oko kan ṣoṣo yìí. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò mọ ohun tí wọ́n ṣe. Ọlọ́pàá ń wá ọmọ tó sá nílé dé ọ̀dọ̀ wọn. Òṣìṣẹ́ FBI ń yà síbẹ̀. Ọkọ̀ agbé-aláìsàn ń dé láti gba ẹni tó ní òun fẹ́ pa ara òun là, bẹ́ẹ̀ ẹni náà kò dé àdúgbò yẹn rí. Àwọn tí wọ́n lù ní jìbìtì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì sì ń bínú wá sí ẹnu ọ̀nà wọn. Oníròyìn Kashmir Hill ló tú ọ̀rọ̀ náà sí gbangba ní oṣù kẹrin ọdún 2016. Lẹ́yìn náà ni MaxMind gbé ojú yẹn kúrò, ó gbé e lọ sínú adágún omi kan ní ìwọ̀-oòrùn ìlú Wichita, kó má baà bọ́ sórí ilé ẹnikẹ́ni mọ́. Lọ́dún yẹn kan náà, àwọn tó ń gbé oko náà pe ilé-iṣẹ́ ọ̀hún lẹ́jọ́.

Ìyà tó jẹ wọ́n kò tọ́ sí wọn rárá. Gbogbo ohun tí ìwé atọ́ka náà mọ̀ kò ju “Amẹ́ríkà” lọ. Àwọn tó lò ó ló kà á bí àdírẹ́sì ilé.

Ní Nàìjíríà, Èkó ló sábà máa ń gba orúkọ mọ́ àwọn ìlú yòókù lọ́wọ́, ohun tó fà á sì yàtọ̀ díẹ̀. Àdírẹ́sì IP ti àtijọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní IPv4, kò ju bílíọ̀nù mẹ́rin àti díẹ̀ lọ fún gbogbo ayé, kò sì kárí fóònù tó wà níta. Nítorí náà, ilé-iṣẹ́ fóònù máa ń kó fóònù rẹpẹtẹ sábẹ́ àdírẹ́sì kan, gbogbo wọn á sì gba ẹnu ọ̀nà kan náà jáde sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kì í ṣe gbogbo ìlú ni irú ẹnu ọ̀nà bẹ́ẹ̀ wà. Ẹni tó ń wo fíìmù ní Ṣakí lè gba ẹnu ọ̀nà tó wà l'Ékòó jáde, ìròyìn á sì kà á mọ́ ará Èkó. Olóòtú tó bá wá torí ìròyìn yìí pinnu pé òun kò ní èèyàn ní Òkè-Ògùn lè máa gbé fíìmù rẹ̀ gba ẹ̀yìn àwọn tó ń wò ó lójoojúmọ́ kọjá.

Ó ṣeé dán wò. Kí ó ní kí àwọn òṣèré sọ níparí fíìmù pé kí òǹwòran kọ orúkọ ìlú tó wà sísàlẹ̀. Àwọn tó bá kọ ọ́ kò ní ṣojú gbogbo òǹwòran, nítorí náà kò yẹ kó fi wọ́n ka ìdá ìlú kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ bí Ṣakí, Ìsẹ́yìn àti Ìkàrẹ́ bá ń yọjú léraléra nínú èsì, tí ìròyìn sì ń sọ pé Èkó ló kó gbogbo rẹ̀, a jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni ìròyìn náà ń kà.

Orúkọ orílẹ̀-èdè ṣeé gbára lé ju ti ìlú lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n òun náà ń yẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ìjọba Nàìjíríà dá Twitter dúró ní oṣù kẹfà ọdún 2021, tí ìdádúró náà kò sì kásẹ̀ nílẹ̀ títí di oṣù kìíní ọdún 2022, ọ̀pọ̀ èèyàn fi VPN sórí fóònù wọn. VPN máa ń mú ìsopọ̀ èèyàn gba orílẹ̀-èdè mìíràn kọjá, nítorí náà ẹni tó jókòó sí Àkúrẹ́ lè hàn bí ará Họ́láàńdì. Bí kò bá pa á kó tó bọ́ sórí YouTube, fíìmù Yorùbá kan á ṣàdédé ní òǹwòran tuntun ní Họ́láàńdì. Arìnrìn-àjò tó gbé síìmù Nàìjíríà lọ sí Lọ́ńdọ̀nù wà ní ìdàkejì rẹ̀: dátà rẹ̀ sábà máa ń gba ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ fóònù rẹ̀ nílé kọjá kó tó jáde, ìròyìn á sì ní kò kúrò ní Nàìjíríà.

Ọjọ́ orí le ju ibi lọ, nítorí kò sí ohunkóhun nínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń fi í hàn. Àwọn tó wọlé pẹ̀lú àkáǹtì nìkan ni YouTube fi ń ya àtẹ ọjọ́ orí, ọjọ́ ìbí tí onítọ̀hún kọ nígbà tó ń ṣí àkáǹtì ló sì wà ní ìpìlẹ̀ rẹ̀. Kò sí ẹni tó béèrè ìwé ẹ̀rí ìbí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wọn. Ọmọ tó gbọ́ pé ẹni tí kò tíì pé ọdún 13 kò gbọdọ̀ ṣí àkáǹtì kàn máa yan ọdún mìíràn ni.

Ofcom, àjọ tó ń bójú tó ètò ìbánisọ̀rọ̀ ní Ìlú Ọba, wádìí èyí, ó sì gbé àbájáde rẹ̀ síta ní ọdún 2022. Nínú àwọn ọmọ ọdún 8 sí 17 tó ní àkáǹtì lórí ìkànnì àjọlò, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ni àkáǹtì wọn ń sọ pé wọ́n ti pé ọdún 18 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irú ọjọ́ orí bẹ́ẹ̀ kì í tún ara rẹ̀ ṣe. Ọmọ ọdún 10 tó pe ara rẹ̀ ní 16 yóò di ẹni ọdún 19 lọ́jọ́ kan, àkáǹtì rẹ̀ á sì máa pè é ní 25. Yóò ti bọ́ sí ẹgbẹ́ 25 sí 34, kò sì sí ohun tó máa gbé e kúrò níbẹ̀ àfi bí òun fúnra rẹ̀ bá lọ yí i padà.

Kódà ilé-iṣẹ́ tó tóbi jù kò bọ́ nínú èyí. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, Brian Wieser, tó ń yẹ ilé-iṣẹ́ wò fún àwọn olùdókòwò ní Pivotal Research, fi iye tí Facebook ń sọ fún àwọn olùpolówó wé ti ìkànìyàn. Facebook ní òun lè gbé ìpolówó dé ọ̀dọ̀ 41 mílíọ̀nù ẹni ọdún 18 sí 24 ní Amẹ́ríkà. Ìkànìyàn ní gbogbo àwọn ọ̀dọ́ ọjọ́ orí yẹn tó wà ní orílẹ̀-èdè náà kò ju 31 mílíọ̀nù lọ. Mílíọ̀nù mẹ́wàá ọ̀dọ́ ló lé! Facebook fèsì pé òun kò ṣe iye náà láti bá ìkànìyàn mu, pé ohun tí àwọn èèyàn sọ nípa ara wọn, ìṣesí wọn lórí ìkànnì àti ibi tí fóònù wọn fi hàn ló wà nídìí rẹ̀. Àlàyé náà lọ́gbọ́n nínú. Síbẹ̀, ó yẹ kí ẹni tó ń fowó ra ìpolówó ti mọ̀ ọ́n kó tó sanwó.

Ẹni tí kò sọ ọjọ́ orí rẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀rọ á dá a bá. Àwọn tí ọjọ́ orí wọn ti hàn ni wọ́n fi ń kọ́ ẹ̀rọ náà: á wo ohun tí àwọn ẹni ọdún 20 máa ń wò àti ohun tí àwọn ẹni ọdún 60 máa ń wò, á wá fi ìṣesí ẹni tí kò mọ̀ wé tiwọn, á sì fi í sí ẹgbẹ́ tó jọ jù. Ọ̀nà yìí ń ṣiṣẹ́ dáadáa fún ogunlọ́gọ̀, ṣùgbọ́n ó ń ṣi ẹnì kọ̀ọ̀kan mú. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń bá ìyá àgbà wo fíìmù Yorùbá àtijọ́ lálaalẹ́ lórí fóònù ara rẹ̀ lè di arúgbó lójú ẹ̀rọ. Ẹni tó bá ní àkáǹtì Google lè lọ sí `myadcenter.google.com` láti wo ẹgbẹ́ ọjọ́ orí tí wọ́n fi òun sí.

Ohun tó ń tan olóòtú jẹ jù nínú àtẹ ọjọ́ orí ni àwọn tí kò sí níbẹ̀. Ká ní èèyàn 40,000 ló wo fíìmù kan láàárín ọjọ́ 28, tí ọjọ́ orí 24,000 nínú wọn sì hàn. Àtẹ ní 30 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ ẹni ọdún 35 sí 44. Nínú 24,000 ni wọ́n ti ka 30 yẹn, ó sì jẹ́ èèyàn 7,200. Àwọn 16,000 yòókù wo fíìmù náà o, àmọ́ àtẹ kò mọ nǹkan kan nípa wọn. Bí kò bá sí ẹni ọdún 35 sí 44 kankan nínú wọn, ìdá tó jẹ́ òótọ́ jẹ́ 18 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí gbogbo wọn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, èèyàn 23,200 ni, ó di 58. Òótọ́ náà wà níbì kan láàárín 18 sí 58, ẹni tó ń ka àtẹ sì rò pé 30 gérégé ni.

Ó ṣeé ṣe kó súnmọ́ 30 bí àwọn tí kò hàn bá jọ àwọn tó hàn. Ṣùgbọ́n ṣé wọ́n jọra? Ẹni tó ń wo fíìmù lórí fóònù ọmọ rẹ̀, tàbí lórí tẹlifíṣọ̀n tí kò sẹ́ni tó wọlé sí àkáǹtì lórí rẹ̀, kò jọ ẹni tó ń lo fóònù tara rẹ̀. Fíìmù Yorùbá tún jẹ́ ohun tí ìdílé máa ń jókòó wò pọ̀ ní pálọ̀. Bí èèyàn márùn-ún bá jọ ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n kan, àkáǹtì ìyá ilé nìkan ni wọ́n kà, ọjọ́ orí tirẹ̀ nìkan ló sì wọ inú àtẹ.

Fún ẹni tó ń lo Google Analytics, ìlà kan wà nínú àtẹ ọjọ́ orí tó ń jẹ́ `unknown`. Ibẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ wò kó tó wo ìlà mìíràn. Bí ìlà yìí bá kó ju ìdajì lọ, àwọn ìlà yòókù kò tíì lè sọ ẹni tó pọ̀ jù. Bí èèyàn bá sì kéré jù nínú ìlà kan, Google lè fi ìlà náà pamọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà fi í dá èèyàn mọ̀, ìdí nìyẹn tí àròpọ̀ àwọn ìlà kì í fi ìgbà gbogbo bá àpapọ̀ òkè mu.

Ó wá ku wákàtí. Àtẹ aláwọ̀ àlùkò inú YouTube Studio ń ka ìgbà tí àwọn òǹwòran ṣánẹ́lì kan wà lórí YouTube ní ọjọ́ 28 tó kọjá, ohun yòówù kí wọ́n máa wò níbẹ̀. Bí àwọ̀ bá ṣe dúdú tó ni èèyàn ṣe pọ̀ tó. Kì í ṣe ìgbà tí wọ́n wo fíìmù olóòtú náà ló ń fi hàn. Kíkà ni wọ́n kà á, méfò kò pọ̀ nínú rẹ̀, àmọ́ aago ibi tí olóòtú wà ni wọ́n fi kọ gbogbo rẹ̀.

Ká ní àwọ̀ náà dúdú ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, tó tún dúdú ní aago méjì òru. Olóòtú tó wà n'Íbàdàn lè rò pé àwọn èèyàn òun kì í sùn. Ní oṣù keje, aago méjì òru n'Íbàdàn jẹ́ aago mẹ́jọ alẹ́ ní Houston, níbi tí ọmọ Yorùbá pọ̀ sí. Àwọn tó ti ibi iṣẹ́ dé, tí wọ́n ti jẹun tán, ni àtẹ ń fi hàn. Ṣóńṣó méjì náà jẹ́ ti ogunlọ́gọ̀ méjì tó wà ní ilẹ̀ méjì. Bí ó bá wá wo àárín àwọn méjèèjì, tó sì gbé fíìmù jáde ní aago mọ́kànlá ààbọ̀ alẹ́, yóò bá ará ilé lójú oorun, yóò sì bá ará Houston lẹ́nu iṣẹ́.

Aago Nàìjíríà kì í yí padà láti ọdún dé ọdún, ti Amẹ́ríkà àti Ìlú Ọba sì ń yí padà. Ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù kọkànlá, Amẹ́ríkà máa ń dá aago rẹ̀ padà sẹ́yìn ní wákàtí kan. Láti ọjọ́ náà, aago mẹ́jọ alẹ́ Houston di aago mẹ́ta òru n'Íbàdàn. Òǹwòran kankan kò yí ìṣesí rẹ̀ padà, síbẹ̀ ṣóńṣó náà á kúrò ní méjì, á lọ sí mẹ́ta. Nítorí pé ọjọ́ 28 ni àtẹ ń kó pọ̀, kò ní lọ lẹ́ẹ̀kan náà: fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ti àtijọ́ àti ti tuntun á dà pọ̀, ṣóńṣó á fẹ̀, á sì rẹlẹ̀, bí ẹni pé èèyàn ń dín kù. Irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ààwẹ̀ Ràmàdáànì, nígbà tí wákàtí sààrì ṣì ń hàn nínú àtẹ lẹ́yìn tí ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ ti kọjá.

Ẹni tó fẹ́ mọ ìgbà tí wọ́n ń wo fíìmù tirẹ̀ gan-an ní ibòmíràn tó lè wò: àtẹ wákàtí 48 nínú YouTube Studio kan náà, tó ń ka iye ìgbà tí wọ́n wò ó ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Kó má gbàgbé pé wákàtí tó fi gbé fíìmù jáde máa ń fa ṣóńṣó tirẹ̀. Bí ó bá gbé e jáde ní aago méje alẹ́ ọjọ́ Ẹtì n'Íbàdàn nígbà ẹ̀rùn Ìlú Ọba, aago méje náà ni ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n aago kan ọ̀sán ni ní Houston. Ará ilé àti ará Lọ́ńdọ̀nù á tètè wò ó. Ará Houston á dé lẹ́yìn tí olóòtú ti sùn. Bí ó bá fi iye aago mẹ́wàá alẹ́ ọjọ́ Ẹtì pinnu, á ní àwọn ará Amẹ́ríkà ti kúrò lẹ́yìn òun. Àfi kó dúró di àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kó tó ka ìdá orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan. YouTube fúnra rẹ̀ sì ti sọ ọ́ fún àwọn oníṣánẹ́lì pé òun kò rí i pé wákàtí tí wọ́n gbé fídíò jáde ń nípa tààrà lórí bí yóò ṣe rìn tó lọ́jọ́ iwájú.